Ibi Tí Ohùn Ń Já Sí: Ìbéèrè, Ìròyìn àti Orúkọ Kíkà Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo bá àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn tó ń ka ìkéde lórí rédíò sọ ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ jẹun, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó.

Gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò láàárọ̀ ní Àkúrẹ́ ló mọ ìkéde òkú. Wọ́n á dárúkọ olóògbé, wọ́n á sọ ọjọ́ tí wọn yóò sin ín, wọ́n á wá ka orúkọ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ ká ní ohun tó wà nínú ìwé ìkéde kan nìyí: "Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni Ayọ̀, Délé, Akin." Ọmọ mẹ́ta. Àmọ́ tí ẹni tó ń kà á kò bá ṣọ́ ohùn rẹ̀, ọmọ méjì ni ará ilé tó ń gbọ́ yóò kà: Ayọ̀délé àti Akin. Wọ́n ti fi ọmọ kan sílẹ̀ níbi ìkéde òkú òbí rẹ̀, ẹ sì mọ irú ìbínú tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ nínú ẹbí.

Kò sí fáwẹ́lì tó yí padà níbẹ̀. Kò sí kọ́ńsónáǹtì tó yí padà. Àmì ohùn tí ẹ máa fi sórí Ayọ̀ àti Délé náà ni ẹ máa fi sórí Ayọ̀délé. Kámà inú ìwé kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀. Kí ni etí wá ń gbọ́ tó fi ń mọ̀ pé ènìyàn kan ni tàbí ènìyàn méjì? Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn. Mo máa gba ọ̀nà ìròyìn àti ìbéèrè kọjá kí n tó padà sórí orúkọ kíkà, torí pé gbòǹgbò kan náà ni wọ́n jọ ní.

Inú ọ̀fun wa ni awẹ́ ẹran méjì kan wà tí à ń pè ní tán-án-ná. Nígbà tí atẹ́gùn bá ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, àwọn awẹ́ yìí á máa gbọ̀n. Tán-án-ná ọkùnrin tó ti dàgbà a máa gbọ̀n tó ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti obìnrin a máa tó nǹkan bí ìgbà 200. Bí wọ́n bá gbọ̀n kíákíá sí i, ohùn á gòkè. Bí ìgbọ̀n náà bá falẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tí à ń pè ní ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìṣòro tàwa Yorùbá ni pé ọ̀rọ̀ ti gba gígòkè àti wíwálẹ̀ yìí fún ara rẹ̀. Ọkọ ni ẹni tó gbé obìnrin níyàwó, ọkọ́ ni wọ́n fi ń ro oko, ọkọ̀ là ń wọ̀ lọ sí Ondó, ọ̀kọ̀ sì ni ọdẹ ń jù. Ẹni tó bá gbé sílébù ìkẹyìn ọkọ sókè kò tíì béèrè ìbéèrè kankan. Ó ti dárúkọ nǹkan mìíràn ni. Òyìnbó kò ní ìṣòro yìí. Ó lè mú gbólóhùn ìròyìn kan, kó má fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, kó kàn gbé ìparí rẹ̀ sókè, ó ti di ìbéèrè. Tó bá ń ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè gbé ohùn sókè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wá fà á wálẹ̀ sórí èyí tó kẹ́yìn, kí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ti parí. Àwa kò lè fi sílébù ìkẹyìn ṣeré bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí kì í dá ìbéèrè mọ̀ yàtọ̀ sí ìròyìn. Ibòmíràn ni iṣẹ́ náà ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ìròyìn ná. Ẹ bá mi sọ gbólóhùn yìí sókè, kí ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn fún ẹnìkejì: "Ó gbà pé ó dùn wá." Ohùn òkè ni "ó" àkọ́kọ́. Ohùn òkè náà ni "wá" tó kẹ́yìn. Àmì kan náà ni a kọ sórí wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fetí sí i dáadáa, ẹ ó rí i pé "wá" yẹn kò ga tó "ó" ti ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Ohun tó fa á ni "gbà" àti "dùn" tó wà láàárín. Ní gbogbo ìgbà tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti wọlé, ohùn òkè tó bá tẹ̀lé e kì í lè padà dé ibi tí èyí tó ṣáájú wà. Ó ti sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan. Bí ohùn ìsàlẹ̀ mìíràn bá tún wọlé, ó tún sọ̀kalẹ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ èdè méjì, Yétúndé Láníran àti Nick Clements, ṣe iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2003, wọ́n sì fi hàn pé ohùn òkè tó bá kù díẹ̀ kó kan ohùn ìsàlẹ̀ tún máa ń fò sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni pé ó ń gba àyè sílẹ̀ kí ìsàlẹ̀ tó dé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ohùn òkè ní ibì kan pàtó tó ń gbé. Ibi tó bá wà sí aládùúgbò rẹ̀ ni à ń fi mọ̀ ọ́n. Ohùn òkè tó wà ní ìparí gbólóhùn gígùn lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn àárín ti ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba, etí wa kò sì ní ṣì í gbọ́, torí pé etí náà ń bá ìsọ̀kalẹ̀ yẹn lọ ni.

Fi ti atẹ́gùn kún un. Bí a bá ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ni agbára atẹ́gùn tó ń ti ìsàlẹ̀ ta tán-án-ná ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí ìparí ìròyìn fi máa ń wálẹ̀ tí ohùn á sì rẹ̀ díẹ̀. Tí sílébù ìkẹyìn bá tún jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, á rọ́ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, nígbà mìíràn ohùn náà á ha. Ẹni tó ń gbọ́ ti kọ́ láti kékeré pé nígbà tí ohùn bá dé ibẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ti tán, ó kan òun láti sọ tirẹ̀.

Ìbéèrè ńkọ́? A ní àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa. "Ṣé" àti "ǹjẹ́" máa ń wà níwájú, "bí" máa ń wà lẹ́yìn, "dà" àti "ńkọ́" ní àyè tiwọn, "ta", "kí" àti "níbo" náà ní tiwọn. Bí o bá ti gbọ́ "ṣé" ni o ti mọ̀ pé ìbéèrè ló ń bọ̀, sílébù ẹyọ kan kò tíì tẹ̀lé e. Kí ló kù tí ohùn fẹ́ wá sọ fún ọ ní ìparí? "Kí lo rà?" parí sí ìsàlẹ̀ nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ ni "rà". "Níbo lo ń lọ?" parí sí àárín. Ìbéèrè ni wọ́n síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣì wọ́n gbọ́.

Ìgbà tí ohùn máa ń wọṣẹ́ gan-an ni ìgbà tí kò sí "ṣé", tí kò sí "bí". Ẹnìkan sọ ohun tó yà ọ́ lẹ́nu, ìwọ náà sì tún un sọ padà fún un: "Ó gbà pé ó dùn wá?" Ẹ gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. N kò gbé "wá" nìkan sókè. Gbogbo gbólóhùn náà ló gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé ilé náà látìpìlẹ̀ ni, n kò kàn sọ òrùlé rẹ̀ sókè. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò jìn tó ti ìròyìn, ìparí rẹ̀ kò sì rọ́ lulẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ inú "gbà" ṣì wà ní ìsàlẹ̀ sí àwọn tó yí i ká, ohùn òkè ṣì wà lókè. Gbogbo ọ̀rọ̀ pa ìtumọ̀ tirẹ̀ mọ́, gbólóhùn nìkan ló yí ìtumọ̀ padà. Ọgbọ́n tí èdè wa dá sí i nìyẹn, ó sì wú mi lórí gan-an.

Ẹ̀yin olùkọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sí àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Wọ́n máa ń gbé àṣà ohùn òyìnbó wọ Yorùbá láìmọ̀. Ọmọ náà fẹ́ béèrè bóyá àǹtí rẹ̀ ti rí ẹni tí yóò fẹ́: "Ṣé wọ́n ti rí ọkọ?" Ó gbé sílébù ìkẹyìn sókè bí ó ṣe ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ìyá àgbà gbọ́ ni "Ṣé wọ́n ti rí ọkọ́?", bí ẹni pé irinṣẹ́ oko ló sọnù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á sọ fún ọmọ náà pé kò mọ àmì ohùn. Rárá o. Ní kó sọ ọ̀rọ̀ náà láìsí ìbéèrè: "Wọ́n ti rí ọkọ." Tó bá sọ ọ́ dáadáa, ó mọ ohùn ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà ìbéèrè èdè mìíràn ló gùn ún. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀: ẹ kọ́ ọ pé "ṣé" ti béèrè tán, kó jẹ́ kí ìparí lọ bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá ṣe fẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwa tí Yorùbá wà lẹ́nu wa kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé máa ń pàdánù ohun tí òyìnbó fi ohùn sọ. Òyìnbó kan lè béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá wàá mu tíì tàbí kọfí. Bí ó bá gbé ohùn sókè lórí tíì, tó sì fà á wálẹ̀ lórí kọfí, ohun tó ń sọ ni pé kí o mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí ó bá gbé e sókè lórí méjèèjì, bóyá o fẹ́ mu nǹkan rárá ló ń béèrè, o sì lè ní o kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn ló pín wọn. Àwa fi ọ̀rọ̀ pín tiwa: "Ṣé tíì lẹ máa mu ni, àbí kọfí?" ń ní kí o yàn. "Ṣé ẹ máa mu tíì tàbí kọfí?" ń gba "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá". Ọmọ ilé ìwé tí a kò bá fi èyí hàn yóò máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" fún ẹni tó ní kó yàn, wọ́n á sì rò pé kò gbọ́ èdè.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí orúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ "Ayọ̀délé" gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹnìkan. "Yọ̀" wálẹ̀. "Dé" tó tẹ̀lé e jẹ́ ohùn òkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, nítorí náà yóò gùn wá sókè láti ibẹ̀, kò sì ní ga púpọ̀, torí àtẹ̀gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. "Lé" á wá jókòó síbi tí "dé" gùn dé. Ohùn òkè méjèèjì yìí jẹ́ ohùn òkè tó ti sọ̀kalẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ "Ayọ̀, Délé" gẹ́gẹ́ bí ènìyàn méjì. Nǹkan mẹ́ta ló yí padà. Èkíní, fáwẹ́lì "yọ̀" gùn sí i. Mo dì í mú díẹ̀ kí n tó fi í sílẹ̀. Èkejì, àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù: "dé" kò gùn wá láti ìsàlẹ̀. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ti pa ìsọ̀kalẹ̀ àtijọ́ rẹ́, ó tún àtẹ̀gùn tò láti ibi gíga. Gbígbé ohùn padà sókè yìí ló ń sọ fún olùgbọ́ pé ẹlòmíràn ló ń bọ̀ yìí o.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àlàfo nìkan kò tó. Ẹni tó ń kàwé tí èémí rẹ̀ já lè dákẹ́ díẹ̀ láàárín Ayọ̀ àti délé, síbẹ̀ orúkọ ẹnìkan la ó gbọ́ bí kò bá tún ohùn gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sáré kàwé lè má dákẹ́ rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé "dé" padà sókè, ènìyàn méjì la ó gbọ́. "Adé, Bọ́lá" àti "Adébọ́lá" le ju èyí lọ, nítorí pé kò sí ohùn ìsàlẹ̀ láàárín wọn. Ohùn òkè mẹ́ta ló tò tẹ̀lé ara wọn, kò sì sí àtẹ̀gùn tí a fẹ́ tún tò. Níbẹ̀, gígùn "dé" àti àlàfo ló gbọ́dọ̀ ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni kí akàròyìn fẹ̀sọ̀ kà.

Ó tún ku ọ̀kan: báwo ni olùgbọ́ ṣe ń mọ̀ pé orúkọ ti tán? Ìyá rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba: "Ra ata, iyọ̀, epo, edé." Ọmọ náà ti na ẹsẹ̀ láti sáré. Ìṣòro wà lórí "iyọ̀", torí pé ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀, irú ohùn ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa rọ́ wálẹ̀ bíi ti ìparí ọ̀rọ̀. "Edé" sì parí sí òkè, bẹ́ẹ̀ òun ló kẹ́yìn. Bí ọmọ bá ń fi gígòkè àti wíwálẹ̀ sílébù nìkan ṣèdájọ́, ibi iyọ̀ ni yóò ti sáré lọ, yóò sì dúró lẹ́yìn edé kó máa retí sí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé "yọ̀" tó wà láàárín wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyá dì í mú, ohùn rẹ̀ kò sì rẹ̀. "Dé" tó kẹ́yìn ga ju "e" tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà nísàlẹ̀ sí ibi tí ì bá wà ká ní àárín la ti dárúkọ rẹ̀, ohùn ìyá sì ń fẹ́lẹ́ lọ. Ẹ tún un tò sí "ata, edé, epo, iyọ̀", kí ẹ wá fi "yọ̀" ìkẹyìn wé "yọ̀" ti àárín. Ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí i lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, kí ẹ pa fáànù. Yóò ya ìlà kan tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ bí ohùn yín ṣe lọ. Kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un ibi tí kó ti máa wá ohùn: ìgbọ̀n 75 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ọkùnrin, 100 sí 500 fún obìnrin. Tí ẹ bá gba ohùn obìnrin pẹ̀lú òdiwọ̀n ọkùnrin, ibi tó bá ti ga jù lè sọnù.

Nǹkan méjì máa ń tan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jẹ. Ìlà náà máa ń já níbi tí kọ́ńsónáǹtì bíi t, k, f àti ṣ bá wà, nítorí tán-án-ná kì í gbọ̀n níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi fẹ́ràn gbólóhùn tó kún fún m, n, l, r, w àti y, bíi "ọmọ mi lọ". Èkejì ni ìparí tó ha. Tí ohùn ìsàlẹ̀ bá ha ní ìparí, ìgbọ̀n tán-án-ná kò dọ́gba mọ́, ètò náà sì lè ṣì í kà: ìlà á ṣàdédé fò sókè, tàbí kó pòórá. Bí ohun tó hàn lójú kò bá bá ohun tí etí gbọ́ mu, ẹ gba etí gbọ́, kí ẹ padà wo òdiwọ̀n yín.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, olùkọ́ kan dìde, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo èdè ló ń gbé ohùn sókè fún ìbéèrè, yálà ní ìparí tàbí látìbẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè tó dára ni. Ọ̀pọ̀ èdè ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, a kò sì ní rìn jìnnà kí a tó rí èyí tí kì í ṣe é. Annie Rialland, onímọ̀ èdè ní ilẹ̀ Faransé, kó èdè Áfíríkà jọ láti yẹ èyí wò ní 2007. Ó rí i pé ní ọ̀pọ̀ èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wíwálẹ̀ ni ìparí ìbéèrè ń wálẹ̀, fáwẹ́lì ìkẹyìn á sì gùn. Akan ní Ghana wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ará Àkúrẹ́ tó bá dé Kumasi lè gbọ́ ìbéèrè kó rò pé ẹni náà ń ròyìn fún òun ni, kó sì dákẹ́ láìdáhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn akàròyìn náà wá béèrè ohun tí òun lè ṣe sí ìwé ìkéde òun kí òun tó wọ iwájú gbohùngbohùn. Mo ní kó mú bírò. Kó fa ìlà olóòró sí ẹ̀yìn orúkọ ènìyàn kọ̀ọ̀kan, kó sì fi ọfà kékeré tó kọjú sókè sí orí sílébù àkọ́kọ́ orúkọ tó tẹ̀lé e, níbi tí ohùn gbọ́dọ̀ ti padà sókè. Kó fa ìlà méjì sí ẹ̀yìn ẹni tó kẹ́yìn, ibẹ̀ nìkan ló ti gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ohùn lọ sílẹ̀ pátápátá. Orúkọ tó bá lè lẹ̀ mọ́ra, irú Adé àti Bọ́lá, Olú àti Wọlé, kó fi "àti" sáàárín wọn bí ẹbí bá gbà. Bí wọn kò bá gbà, kó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì sí etí ara rẹ̀ kí iná pupa tó tàn. Ó ní ìkéde kan wà lọ́wọ́ òun tó ní orúkọ ọmọ mẹ́sàn-án. A jókòó, a jọ fa ìlà sí i.